Náírà Tó Kàn: Ibo Ló Yẹ Kí Owó Ìpolówó Yín Lọ?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn oníṣòwò sọ l'Ókè-Ìlẹ̀wọ̀ níbí l'Ábẹ́òkúta nìyí. Àwọn kan ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ torí ariwo jẹnẹrétọ̀ ò jẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́ dáadáa, mo wá kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu mi, mo kàn yọ ibi tí mo ti ń wá omi mu kúrò ni.

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí owó ìpolówó, mo sì mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ yín fẹ́ gbọ́ ni èwo ló dáa jù, ṣé Instagíráàmù ni àbí rédíò. Mi ò ní dáhùn ìyẹn báyìí. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tẹ̀lé ẹlẹ́kọ.

Ọmọbìnrin kan gbé ẹ̀kọ láàárọ̀, ó gba àdúgbò kan kọjá n'Ítòkú, "ẹ̀kọ gbóná rèé o." Ìgbà àkọ́kọ́ tó kọjá, gbogbo ẹni tí ebi ti ń pa jáde sí i, ó ta méjìlá. Ó yí padà, ó tún gba àdúgbò yẹn kan náà, àwọn tó wà ní balùwẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ ra tiwọn, ó ta mẹ́jọ. Ó kọjá lẹ́ẹ̀kẹta, ó ta márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, mẹ́ta, àwọn kan ti ń sọ pé ọmọ yìí tún ti dé. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ẹyọ kan péré, ẹni tó sì rà á yẹn, bóyá ó kàn ń ṣàánú ẹ̀ ni. Ohùn ẹ̀ ò yí padà o, ẹ̀kọ ẹ̀ ò kan, àdúgbò yẹn ló ti yó.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí owó tẹ́ ẹ ń kó sórí fóònù gan-an nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fún Fesibúùkù lówó díẹ̀, àwọn tó rọrùn jù láti rí ló máa kọ́kọ́ fi ọjà yín hàn, àwọn tó ti ń wo aṣọ tẹ́lẹ̀, tó ti ń bá àwọn ọlọ́jà sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi kún un, á lọ bá àwọn tí ọkàn wọn ò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀, á sì tún padà lọ fi han àwọn tàkọ́kọ́. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Frequency sí nínú Ads Manager, ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣètò ìpolówó Fesibúùkù àti Instagíráàmù, iye ìgbà tí ẹnì kan ti rí ìpolówó yín nìyẹn, wọ́n pín Impressions, iye ìgbà tí ìpolówó ti hàn, sí ọ̀nà Reach, iye èèyàn tó rí i, ni wọ́n ṣe rí i. Tí nọ́ńbà yẹn bá ń gòkè tí Reach ò sì gòkè mọ́, ẹlẹ́kọ yín ti ń yí àdúgbò kan náà po nìyẹn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbé ìṣirò wọlé. Ìyá aládìrẹ kan wà tí mo máa ń bá jókòó sí ìwé owó ẹ̀, mi ò ní dárúkọ wọn, mo sì ti tún àwọn nọ́ńbà wọn ṣe díẹ̀ kó lè rọrùn láti kà, àmọ́ bọ́rọ̀ ṣe lọ náà ni mo ń sọ yìí. Ìdì àdìrẹ yáàdì márùn-ún ni wọ́n ń tà, ₦9,000. Tí wọ́n bá yọ owó aṣọ, owó aró, owó aláró àti owó ọ̀rá, ₦3,000 ló máa ń kù sí wọn lọ́wọ́ lórí ìdì kan. Ẹ di ₦3,000 yẹn mú o, torí ẹni tó bá fi ₦9,000 ṣe ìṣirò ìpolówó, owó aláró ló ń kà mọ́ èrè ara ẹ̀.

Láìpolówó rárá, ìyá yìí máa ń ta ìdì 20 lọ́sẹ̀, àwọn kọ́sítọ́mà wọn àtijọ́ àti àwọn tó ń kọjá ni. Wọ́n wá ń ná ₦50,000 lọ́sẹ̀ lórí Instagíráàmù, wọ́n sì ń ta 49. Wọ́n ní, "Bùrọ̀dá, ẹ yọ 20 kúrò níbẹ̀, ó ku 29, 29 lọ́nà ₦3,000 jẹ́ ₦87,000. Mo ná àádọ́ta, ó mú mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún wá. Náírà kan ń bí náírà kan àti kọ́bọ̀ 74. Kí ló dé tí mi ò ní gbé e dé ₦80,000?"

Ìṣirò wọn dáa, mi ò bá wọn jiyàn. Púpọ̀ nínú wa ò tiẹ̀ ń yọ 20 yẹn kúrò. Àmọ́ gbogbo owó náà ni wọ́n dà pọ̀ mọ́ra, ẹni tó ṣiṣẹ́ àti ẹni tó sùn ń gba owó oṣù kan náà. Mo ní ká tú u, ká wo ₦10,000 kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ohun tá a rí nìyí: pẹ̀lú ₦10,000, ìdì 32 ni wọ́n tà. Pẹ̀lú ₦20,000, 40. Pẹ̀lú ₦30,000, 45. Pẹ̀lú ₦40,000, 48. Pẹ̀lú ₦50,000, 49. Ẹ wá yọ èyí kúrò nínú ìyẹn, ẹ máa rí ẹlẹ́kọ wa: 12, 8, 5, 3, 1.

Ẹ bá mi sọ ọ́ di owó. ₦10,000 àkọ́kọ́ mú èrè ₦36,000 wá. Ìkejì mú ₦24,000. Ìkẹta, ₦15,000. Ìkẹrin mú ₦9,000, ìyẹn ni pé a kó ₦10,000 jáde, ₦9,000 ló padà wálé. Ìkarùn-ún mú ₦3,000, ₦7,000 ṣòfò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ìyá ò sì mọ̀, torí ₦10,000 àkọ́kọ́ ló pọn ìkẹyìn sẹ́yìn bí ẹní pọn ọmọ. Tẹ́ ẹ bá yà á sórí pépà, tí owó tẹ́ ẹ ná wà nísàlẹ̀, tí ìdì tẹ́ ẹ tà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlà yẹn á gùn bí ẹní ń gun Olúmọ, á ga kíákíá ní ìbẹ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá débi kan á tẹ́ pẹrẹsẹ. Èèyàn lè wà lókè yẹn kó máa rìn lọ, kó rò pé òun ṣì ń gòkè.

Ẹni tó bá ní Ẹ́kúsẹ́ẹ̀lì lórí fóònù lè ṣe é báyìí, owó tẹ́ ẹ ná wà ní òpó A, ìdì tẹ́ ẹ tà wà ní òpó B, ìlà kejì sì ni ọ̀sẹ̀ tẹ́ ò ná nǹkan kan, ẹ wá kọ èyí sí C3:

```
=(B3-B2)*3000/(A3-A2)
```

Ẹ fà á wálẹ̀. Tìyá yìí fún wa ní 3.6, 2.4, 1.5, 0.9, 0.3. Ibi tó bá ti wọ abẹ́ 1, owó yín ń jò nìyẹn.

Ìyá kan níwájú wá bi mí pé, ṣé kí ìyá aládìrẹ dá a dúró ní ₦30,000 ni, kí wọ́n kó ₦20,000 tó kù sápò? Mo ní ẹ má tíì sọ ọ́ di òfin, ẹ jẹ́ ká wo àdúgbò mìíràn tí ẹlẹ́kọ lè gbà kọjá.

Àdúgbò mìíràn yẹn ni rédíò. Rédíò ò sì ń hùwà bíi Instagíráàmù, ibí gan-an ni mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pàdánù. Ká ní ẹlẹ́kọ wa lọ sí àdúgbò tí wọn ò mọ̀ ọ́n rí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn èèyàn kàn yọjú lójú wíńdò ni, ta nìyí. Ọjọ́ kejì, wọ́n ti gbọ́ ohùn yẹn rí. Ọjọ́ kẹta, ẹnì kan ti gbé abọ́ dání tó ń dúró dè é. Jíńgùlù tó lọ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ẹni tó gbọ́ ọ l'ọ́jọ́ Ajé ti gbàgbé kó tó di Ọjọ́rú. Ìlà tiẹ̀ máa kọ́kọ́ tẹ́ nílẹ̀, lẹ́yìn náà á wá dìde, kó tó tún padà tẹ́. Ní ti ìyá aládìrẹ wa, ₦10,000 lọ́sẹ̀ lórí rédíò fi ìdì kan ṣoṣo kún ọjà. ₦10,000 kejì fi mẹ́rin kún un. Ìkẹta fi méje, ìkẹrin fi mẹ́fà, ìkarùn-ún fi mẹ́ta. Lówó, ₦3,000, ₦12,000, ₦21,000, ₦18,000, ₦9,000 nìyẹn.

Ẹ wá wò ó o. Ká ní ₦50,000 yẹn nìkan ló wà lọ́wọ́ wọn, tí wọn ò sì fẹ́ fi kọ́bọ̀ kún un. Gbogbo ẹ̀ lórí Instagíráàmù, ₦87,000. Wọ́n wá ní àwọn fẹ́ fi rédíò "tọ́ ọ wò," bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe, wọ́n mú ₦10,000 lọ síbẹ̀. Instagíráàmù ku ₦40,000, ó mú ₦84,000 wá, rédíò mú ₦3,000. Gbogbo ẹ̀, ₦87,000. Kò yàtọ̀ rárá! Wọ́n á ní rédíò ò ṣiṣẹ́, wọ́n á kó owó wọn padà. Wọ́n sì ti ṣe é rí gan-an, kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi ń bú rédíò. Tí wọ́n bá mú ₦20,000 lọ, ó di ₦75,000 pẹ̀lú ₦15,000, ₦90,000. Tí wọ́n bá mú ₦30,000 lọ, ₦60,000 pẹ̀lú ₦36,000, ₦96,000. Tí wọ́n bá wá mú ₦40,000 lọ, ó tún padà sí ₦90,000. Owó kan náà, ọjà kan náà, ₦9,000 lọ́sẹ̀ ló wà láàárín ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ àti ibi tó dáa jù, èèyàn ò sì lè débẹ̀ tó bá ń fi ìbẹ̀rù na ẹsẹ̀ kan péré.

Tówó bá wá pọ̀ díẹ̀ ńkọ́? Ọ̀nà tí mo ń gbà ṣe é ni pé mo máa ń bi ₦10,000 kọ̀ọ̀kan léèrè kó tó kúrò nílé pé níbo ni ìwọ máa mú èyí tó pọ̀ jù wá. Instagíráàmù ló máa gba méjì àkọ́kọ́, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ti rédíò, mi ò lè bi í ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, torí ìkíní àti ìkejì burú àfi tí ìkẹta bá wà lẹ́yìn wọn, nítorí náà odindi ₦30,000 ni mo máa fi wọn sórí òṣùwọ̀n pọ̀, ó mú ₦36,000 wá. Lẹ́yìn ìyẹn, ìkẹrin rédíò máa mú ₦18,000, ìkẹta Instagíráàmù máa mú ₦15,000, àwọn méjèèjì wọlé. A ti wà ní ₦70,000 báyìí, ₦30,000 sí Instagíráàmù, ₦40,000 sí rédíò, èrè ₦129,000. ₦10,000 tó kàn ńkọ́? Instagíráàmù ní òun á mú ₦9,000 wá. Rédíò náà ní ₦9,000. Ó parí nìyẹn, méjèèjì ti dọ́gba, méjèèjì sì ti wọ abẹ́ ₦10,000. Owó tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi ra aṣọ funfun sílẹ̀ fún aláró.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan: ní ₦70,000 yìí, tẹ́ ẹ bá da owó pọ̀ mọ́ra bí ìyá ṣe dà á pọ̀ tẹ́lẹ̀, Instagíráàmù ń bí náírà 2 àti kọ́bọ̀ 50, rédíò ń bí náírà 1 àti kọ́bọ̀ 35. Ẹni tó bá wo ìyẹn nìkan á ní ká kó owó rédíò lọ sí Instagíráàmù. Ẹ ti rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i.

Ó dáa, ẹnì kan á ní, níbo lo ti rí 12, 8, 5, 3, 1 yẹn, ṣé ifá lo dá ni? Rárá o, ìnira wà níbẹ̀. Oṣù méje gbáko ló gbà wá. A kọ́kọ́ pa ìpolówó fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìyá ò fẹ́ gbà rárá, wọ́n ní mo fẹ́ ba ọjà àwọn jẹ́, àmọ́ láìsí ọ̀sẹ̀ òfìfo yẹn, a ò bá má mọ 20, tá ò bá sì mọ 20, gbogbo ìyókù irọ́ ni. Lẹ́yìn náà, ọ̀sẹ̀ méjì méjì fún owó kọ̀ọ̀kan lórí Instagíráàmù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta fún rédíò, nígbà tí Instagíráàmù dúró sí ₦30,000. Rédíò gba mẹ́ta torí ọ̀rọ̀ tó wọ etí lọ́sẹ̀ yìí lè mú èèyàn wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mi ò sì ka ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A ò gòkè ní tẹ̀léntẹ̀lé o. A ná ₦20,000, a fò sí ₦50,000, a padà sí ₦10,000. Ìdí ni pé tí ọjà bá ń gbèrú fúnra ẹ̀ láti oṣù dé oṣù, tẹ́ ẹ sì ń fi owó kún un láti oṣù dé oṣù, ẹ máa fi iṣẹ́ ọjà yin owó.

Ẹ má sì máa yí owó padà lójoojúmọ́. Fesibúùkù fúnra ẹ̀ máa ń kọ Learning sára ìpolówó, ó ní òun nílò nǹkan bíi 50 nínú ohun tẹ́ ẹ ní kó wá láàárín ọjọ́ méje kí òun tó dúró sójú kan. Tẹ́ ẹ bá ń fọwọ́ kàn án lárọ̀ọ́ lálẹ́, kò ní kúrò ní kíláàsì wáń.

Ohun mìíràn ni pé mi ò gba ẹ̀rí ìpolówó lẹ́nu ẹni tó ń ta ìpolówó. Bí wọ́n ṣe máa ń kà á nínú Ads Manager ni 7-day click, 1-day view, ìyẹn ni pé ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ láàárín ọjọ́ méje, tàbí ẹni tó kàn rí i lánàá tó kọjá lọ, tó bá ti rà báyìí, ìpolówó ló gba oríyìn. Kọ́sítọ́mà ìyá láti ọdún mẹ́wàá tó rí fọ́tò wọn lórí fóònù lálẹ́, tó wá ra ìdì mẹ́ta fún ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀, ìpolówó kọ́ ló mú un wá. Ìwé tí ìyá ń kọ ìdì sí ní ṣọ́ọ̀bù ni mo lò, gbogbo ìdì tó jáde, láìbéèrè ẹni tó rà á.

Kí n má parọ́ fún yín, ìlà yẹn ò mọ́ bó ṣe rí lẹ́nu mi yìí. Láwọn ọ̀sẹ̀ tí ìpolówó ò sí, tá a tún wo ìwé àtijọ́ mọ́ ọn, ìdì máa ń wà láàárín 17 sí 23 láìsí ìdí kan. Nítorí náà ìyàtọ̀ ìdì kan tó wà láàárín ₦40,000 àti ₦50,000 yẹn, mi ò lè fi búra, ó lè jẹ́ òdo, ó lè jẹ́ mẹ́ta. Ti 12 yẹn, mo lè búra. Ohun tó jẹ́ kí n gbà pé orí ìlà ti tẹ́ lóòótọ́ ni pé Frequency ti kúrò ní ẹyọ kan àti díẹ̀, ó ti kọjá márùn-ún, Reach sì dúró gbagidi. Ìdí tí mo fi ń lo ₦10,000 náà nìyẹn o, tá a bá ń fi ₦2,000 gòkè, ariwo ọjà ló máa bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí owó oṣù wọlé, ọ̀sẹ̀ Iléyá, àkókò ọdún Lísàbí, ẹ yọ wọ́n kúrò nínú ìṣirò. A ṣe ọ̀sẹ̀ kan báyìí tí ₦20,000 ta 61, inú wa dùn, àṣé ẹgbẹ́ kan ló ń wá aṣọ ẹbí.

Mo wá fẹ́ dúró díẹ̀ síbi tí ìlà ti máa ń tẹ́ lọ́nà èké, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba èmi gan-an mú. Láàárín òjò, ọjà ìyá tẹ́ ní 38 pẹ̀lú ₦30,000, bẹ́ẹ̀ 45 ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo ti fẹ́ sọ pé Instagíráàmù ti yó, ká dín in kù. Ọmọ tó ń dáhùn Wásáàpù ló sọ pé, "Bùrọ̀dá, àwọn èèyàn ṣì ń bèèrè o, a ò ní ẹlẹ́kọ nílẹ̀ ni." Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló ń sọ, kì í ṣe ẹ̀kọ jíjẹ. Òjò ò jẹ́ kí aṣọ gbẹ, aláró ò rí i kó wá. Tẹ́ ẹ bá rí i pé iye èèyàn tó ń kọ̀wé sí yín kò dín, ìdì tó ń jáde ló dín, ọ̀rọ̀ ìpolówó kọ́ nìyẹn, ẹ lọ wo ilé ìpaláró, àbí ẹ wo bí ẹni tó ń dáhùn fóònù ṣe ń pẹ́ tó kó tó dáhùn. Tí àwọn tó ń kọ̀wé náà bá wá dín, tí Frequency sì ga, a jẹ́ pé àdúgbò ló yó.

Kí n tó jókòó, ẹ̀gbọ́n kan tó ń ta bàtà ní Pánṣẹ́kẹ̀ bi mí pé tí àdúgbò bá ti yó, ṣé kò sí nǹkan tá a lè ṣe ju ká kó owó lọ síbòmíràn? Mo ní ó wà, ẹ pààrọ̀ ohun tẹ́ ẹ gbé lórí. Ẹni tó ti jẹ ẹ̀kọ yó lè ra àkàrà. Ìyá yìí gbé fọ́tò àwọ̀ tuntun jáde, wọ́n tún sọ fún Instagíráàmù kó máa fi han àwọn ará Ṣágámù àti Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n ń fi mọ́tò ránṣẹ́ sí. Gbogbo ìlà yẹn gbé ara ẹ̀ sókè, ₦10,000 kẹrin tó ń mú ₦9,000 wá tẹ́lẹ̀ di ohun tó lè wọlé.

Ẹ̀gbọ́n ní, "A jẹ́ pé àwọn nọ́ńbà oṣù méje yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n, ti Instagíráàmù ti bàjẹ́, ti rédíò ṣì wà níbẹ̀. A ti tún bẹ̀rẹ̀ láti ₦20,000 ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá sì ti ní òun ò ní pa ìpolówó fún ọ̀sẹ̀ méjì mọ́ láéláé, ọ̀sẹ̀ kan ni mo rí gbà.